Fèrèsé, páàdì, ìkùukùu tàbí ooru òru: èwo ló yẹ gírínháòsì tòmátò rẹ?

Tòmátò inú gírínháòsì lè ko ìṣòro méjì tó tako ara wọn láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Lọ́sàn-án, ooru á mú kí òdòdó máa rẹ̀ dànù láìso. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ilé yẹn kan náà á tutù, ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ á di omi lára ewé, èbu á sì ríbi jókòó sí. Ohun èlò tó dára gan-an fún ìṣòro ọ̀sán lè sọ ti òru di ńlá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra fáànù tàbí ẹ̀rọ ìkùukùu kó tó mọ èwo nínú méjèèjì ló ń jẹ èso rẹ̀.

Ọ̀nà márùn-ún ni mo fẹ́ fi wéra níbí: fèrèsé òrùlé àti ti ẹ̀gbẹ́, nẹ́ẹ̀tì àbòòji, fáànù pẹ̀lú páàdì olómi, ẹ̀rọ ìkùukùu tó ń fọ́n omi wínníwínní sínú afẹ́fẹ́, àti ooru díẹ̀ tí a ń fi lé ọ̀rinrin jáde lóru. Ilé kan náà ni mo máa fi ṣírò gbogbo wọn. Ó gùn ní mítà 30, ó fẹ̀ ní mítà 8, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4 ní ìpíndọ́gba. Tí a bá pín afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sí àpótí-àpótí, tí ìbú, òró àti gíga àpótí kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà kan, àpótí 960 ni a máa rí.

Ohun tí a máa fi wọ̀n wọ́n

Òṣùwọ̀n àkọ́kọ́ ni òdòdó. Tòmátò máa ń so dáadáa tí ọ̀sán bá wà láàárín 21°C sí 27°C, tí òru sì wà láàárín 15°C sí 20°C. Tí ọ̀sán bá ń kọjá 32°C lójoojúmọ́, lẹ́búlẹ́bú akọ inú òdòdó kì í lágbára mọ́. Òdòdó á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi oríkèé ọrùn rẹ̀, á sì já. Ọ̀rinrin náà ní ipa tirẹ̀: tó bá ti ga ju 85% lọ, lẹ́búlẹ́bú á máa lẹ̀ mọ́ra wọn, kò ní tú dà sórí abo. Tí afẹ́fẹ́ bá sì gbẹ jù, lẹ́búlẹ́bú ò ní lẹ̀ mọ́ abo rárá. Nítorí náà, èso kékeré tí kò dọ́gba lórí ọwọ́ kan náà kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àìsí ajílẹ̀. Wo tẹmọ́mítà kó o tó lọ ra àpò mìíràn.

Òṣùwọ̀n kejì ni bí omi ṣe ń pẹ́ tó lára ewé. Èbu eléérú, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọgbẹ́ tí a ti gé ewé, fẹ́ràn ilé tó tutù díẹ̀ tí omi ò gbẹ nínú rẹ̀. Èbu abẹ́ ewé, tó máa ń ṣe bí àrán aláwọ̀ ilẹ̀ nísàlẹ̀ ewé tí òkè rẹ̀ sì máa ń pọ́n, fẹ́ ọ̀rinrin tó ju 85% lọ. Àrùn tó máa ń sọ ewé di bí èyí tí omi gbígbóná dà sí kò lè wọlé láìsí omi lára ewé. Èyí tó yàtọ̀ láàárín wọn ni èbu funfun tó dà bí ìyẹ̀fun. Kò nílò kí ewé tutù kó tó ràn. Ẹni tí tirẹ̀ bá jẹ́ èbu funfun, kó má retí pé gbígbẹ afẹ́fẹ́ nìkan máa wò ó.

Òṣùwọ̀n kẹta ni ohun tí afẹ́fẹ́ ìta gbà ọ́ láyè láti ṣe, èyí ló sì ń ya àgbẹ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì jù. Ra tẹmọ́mítà méjì tó jọra. Wé òwú funfun mọ́ ìdí ọ̀kan, ki ìdí òwú náà bọ omi, kó o sì fi méjèèjì síbi òjìji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ní aago méjì ọ̀sán. Èyí tó wé òwú máa lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ. Ibi tó bá dúró sí ni ibi tó kéré jù tí omi lè fi tu ilé rẹ lára dé. Kò sí páàdì tàbí ìkùukùu kankan tó lè kọjá ibẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ní àkókò tí ooru mú jù kó o tó ná owó.

Òṣùwọ̀n tó kẹ́yìn ni owó, kì í ṣe ti ìrajà nìkan. Ohun tó ń jẹ iná àti omi lójoojúmọ́ ńkọ́? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ láàárín wákàtí kan tí iná bá lọ?

Fèrèsé òrùlé àti ti ẹ̀gbẹ́

Ibí ló yẹ kí gbogbo ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀, àní bí wọ́n bá tilẹ̀ máa fi nǹkan mìíràn kún un. Afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń gòkè, nítorí náà tí òrùlé bá la ẹnu, tí ẹ̀gbẹ́ sì ṣí, ooru á bá òkè jáde, afẹ́fẹ́ tútù á gba ìsàlẹ̀ wọlé. Ilé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ṣí tí òrùlé rẹ̀ dí máa ń tọ́jú ooru àti ọ̀rinrin sókè níbi tí orí tòmátò àti òdòdó tuntun wà. Kí àpapọ̀ ojú tó ṣí tó ìdá 15% sí 30% ilẹ̀ ilé. Nínú ilé wa tó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 240, ìyẹn jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 36 ó kéré tán.

Ibi tí fèrèsé ti máa ń kùnà ni nẹ́ẹ̀tì kòkòrò. Nẹ́ẹ̀tì tí ojú rẹ̀ kéré débi tí eṣinṣin funfun ò fi lè gbà á kọjá máa ń dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ púpọ̀, eruku sì tún máa ń dí i sí i. Tí o bá fẹ́ nẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí ojú tó ṣí fẹ̀ sí i, kó o sì máa fọ nẹ́ẹ̀tì náà. Bákan náà, fèrèsé ò lè mú inú ilé tutù ju ìta lọ. Tí ìta bá jẹ́ 34°C, 34°C ni ìrètí rẹ tó dára jù, o sì lè rí ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta lé lórí rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín.

Síbẹ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òru. Kò sí ohun tó rọrùn tó fèrèsé láti fi lé ọ̀rinrin jáde ní ìrọ̀lẹ́. Tí iná bá sì lọ, fèrèsé tí a ń fi ọwọ́ yí ò bìkítà.

Nẹ́ẹ̀tì àbòòji

Mi ò ní pẹ́ níbí. Nẹ́ẹ̀tì àbòòji kì í fi omi kún afẹ́fẹ́, kò jẹ iná, owó rẹ̀ ò pọ̀, ó sì máa ń dá èso lọ́wọ́ oòrùn tó ń jó o di funfun. Ohun tó ń gbà ni ìmọ́lẹ̀. Òfin àtẹ́lẹwọ́ tí àwọn àgbẹ̀ gírínháòsì mọ̀ ni pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ tó bá lọ máa ń mú nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún èso lọ. Nítorí náà, èyí tó ń bo 50% tó sì wà lórí ilé láàárọ̀ àti lálẹ́, nínú kùrukùru àti nínú òjò, ń jí èso. Yan èyí tó ń bo 30%, kó jẹ́ èyí tí a lè fà kúrò, kó o máa tẹ́ ẹ láti aago mọ́kànlá sí mẹ́ta nìkan. Òde ọ̀rá tí a fi bo ilé ló ti dára jù, torí èyí tó wà nínú ilé máa ń gba ooru mọ́ra kó tó jáde.

Fáànù àti páàdì olómi

Páàdì ni ògiri páálí oníhò-hò tí omi ń ṣàn lórí rẹ̀ ní òpin ilé kan. Fáànù wà ní òpin kejì, ó ń fa afẹ́fẹ́ gba inú páàdì tútù náà wọlé. Omi tó bá gbẹ nínú páàdì á gba ooru lọ. Páàdì tó wà dáadáa máa ń lọ tó nǹkan bí 80% ọ̀nà láàárín ohun tí tẹmọ́mítà gbígbẹ sọ àti ohun tí ti olómi, èyí tó wé òwú, sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi àgbẹ̀ méjì ṣe é. Ti àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ: tẹmọ́mítà gbígbẹ jẹ́ 35°C, ọ̀rinrin 40%, ti olómi bíi 24.5°C. Àlàfo wọn jẹ́ 10.5. Ìdá 80% rẹ̀ jẹ́ bíi 8.4, nítorí náà afẹ́fẹ́ tó ń ti páàdì jáde máa jẹ́ bíi 26.6°C. Ó fi ẹsẹ̀ kan wọ ibi tí òdòdó tòmátò fẹ́. Ti èkejì, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kún fún ọ̀rinrin: tẹmọ́mítà gbígbẹ jẹ́ 32°C, ọ̀rinrin 80%, ti olómi bíi 29°C. Àlàfo wọn ò ju 3 lọ. Páàdì rẹ̀ máa fún un ní 29.6°C, afẹ́fẹ́ náà á sì kún fún omi tó fẹ́ẹ̀ má lè gba ìkan mọ́. Bó ṣe ń rìn lọ sí ọ̀dọ̀ fáànù, oòrùn tún máa gbé e sókè ní ìwọ̀n mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àgbẹ̀ yìí san owó fáànù, owó iná àti owó omi, ó sì padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tí ọ̀rinrin rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ kan náà, iye kan náà. Tẹmọ́mítà olówùú tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan ni ì bá ti sọ fún un.

Fún ilé wa, òṣùwọ̀n tí a ń lò ni pé kí gbogbo afẹ́fẹ́ inú ilé pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Àpótí 960 ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ 57,600 ní wákàtí kan. Fáànù ńlá méjì ló lè ṣe é. Páàdì tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó gba gbogbo ìbú mítà 8, tó sì ga tó mítà 1.6, ló máa tó fáànù wọ̀nyẹn. Nínú afẹ́fẹ́ àgbẹ̀ àkọ́kọ́, omi tó ń gbẹ lórí rẹ̀ máa ju lítà 200 lọ ní wákàtí kan. Omi yẹn ń fi iyọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ sínú páàdì. Tí o ò bá ń tú díẹ̀ dànù nínú omi tó ń yí po, iyọ̀ á di ihò páàdì, afẹ́fẹ́ á sì wá ọ̀nà gba àwọn àlàfo tí kò lómi. Bí o ṣe máa mọ̀ ni pé ibi tó gbẹ máa ń hàn bí ojú àpá funfun lára páàdì, tẹmọ́mítà ibẹ̀ á sì máa sọ 33°C nígbà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sọ 27°C.

Ohun méjì ni mo máa kìlọ̀ nípa rẹ̀. Ilé oní-fáànù máa ń jẹ́ ilé tó dí, nítorí náà tí iná bá lọ ní ọ̀sán, ooru inú rẹ̀ á fò sókè láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Láìsí jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ tí a lè yára ká sókè, má ṣe é. Èkejì ni ìrọ̀lẹ́. Pa omi páàdì ó kéré tán wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀, kó o jẹ́ kí fáànù máa ṣiṣẹ́ kí páàdì gbẹ. Ẹni tó bá pa fáànù àti omi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti ti ògiri olómi mọ́ ara tòmátò fún gbogbo òru. Ìlà tó sún mọ́ páàdì ni èbu á ti kọ́kọ́ jáde.

Ẹ̀rọ ìkùukùu

Òfin tẹmọ́mítà olówùú ló ń darí èyí náà, nítorí náà mi ò ní tún un sọ. Ohun tó fi sàn ju páàdì lọ ni pé ó ń tu gbogbo ilé lára bákan náà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ kan. Ohun tó fi burú ni pé ó nílò pọ́ọ̀pù tó lágbára gidi, bíi báà 70, kí ẹ̀kán omi lè kéré débi tó fi máa gbẹ nínú afẹ́fẹ́ kó tó balẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ tó ń lo agbára omi ẹ̀rọ lásán, tí wọ́n ń pè ní ìkùukùu lọ́jà, òjò kékeré ni wọ́n ń rọ̀. Dúró sábẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan kó o sì na apá rẹ. Tí irun apá bá tutù, ewé tòmátò náà ń tutù, àrùn lo sì ń bomi rin. Omi tó ní iyọ̀ tàbí ẹ̀rọ̀fọ̀ á tún dí ihò afọ́nmi láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ihò tó bá fẹ́ẹ̀ dí máa ń kán dípò kó fọ́n. Ibi tó ti wúlò jù lọ́wọ́ mi ni ilé tí wọ́n ti ń hu irúgbìn tàbí tí wọ́n ti ń gbin kùkúḿbà ní ibi gbígbẹ, nítorí kùkúḿbà fẹ́ ọ̀rinrin ju tòmátò lọ, kòkòrò pupa tó ń ta òwú bí aláǹtakùn sì máa ń gbèrú níbi tó gbóná tó sì gbẹ.

Ooru díẹ̀ lóru, pẹ̀lú fèrèsé tó ṣí díẹ̀

Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé ṣíṣí fèrèsé nígbà tí a ń dá iná ooru jẹ́ ìfowóṣòfò. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò òru kan nínú ilé wa.

Ní aago mẹ́jọ alẹ́, àgbẹ̀ ti gbogbo ojú ilé. Inú ilé jẹ́ 22°C, ọ̀rinrin 80%. Ní 22°C, àpótí afẹ́fẹ́ kan lè gba omi tó tó gíráàmù 19.4, nítorí náà gíráàmù 15.5 ló wà nínú rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìdájí, ilé ti sọ̀kalẹ̀ sí 17°C. Ní ìwọ̀n yìí, àpótí kan ò lè gbà ju gíráàmù 14.5 lọ. Gíráàmù kan ti di àfikún tí kò níbi tí yóò wà. Ní àpótí 960, ìyẹn sún mọ́ lítà omi kan tó gbọ́dọ̀ sẹ̀ sára ọ̀rá, ewé àti èso, láìtíì ka èyí tí ewé fúnra wọn ń làágùn jáde ní gbogbo òru. Lítà kan lè dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n ìrì ni, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa tẹ́, ó sì tó láti jẹ́ kí èbu hù. Ewé máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ àyíká rẹ̀ lọ lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́, nítorí náà ìrì ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn kí tẹmọ́mítà tó sọ 17°C.

Báyìí, afẹ́fẹ́ ìta ní aago mẹ́rin yẹn jẹ́ 17°C, ọ̀rinrin 95%. Ta ló máa fẹ́ kí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ wọlé? Ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 13.8. Tó bá wọlé, tí a sì mú un gbóná dé 20°C, níbi tí àpótí kan ti lè gba gíráàmù 17.3, ọ̀rinrin rẹ̀ di 80%. Ó ti ní àyè láti gba omi gíráàmù mẹ́ta àti ààbọ̀ lára ewé, kó sì gbé e jáde lójú òrùlé. Ooru nìkan á mú kí ewé làágùn sí i. Fèrèsé nìkan ò ní yí 95% padà. Àwọn méjèèjì pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.

Àkókò tó ṣe pàtàkì jù ni wákàtí méjì kí oòrùn tó là. Èso tòmátò kún fún omi, nítorí náà ó máa ń lọ́ra láti gbóná. Tí oòrùn bá là lójijì, afẹ́fẹ́ á gbóná, ewé á bẹ̀rẹ̀ sí làágùn, èso á ṣì tutù bí òkúta, ìrì á sì sẹ̀ sí i lára ní aago méje àárọ̀. Kí a gbé ilé sókè ní ìwọ̀n kan tàbí méjì ní wákàtí kan, kí fèrèsé òrùlé ṣí bí ìbú ọwọ́. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìṣòro yìí ń bá ọ jà, mú tọ́ọ̀ṣì wọlé ní aago márùn-ún àti ní aago méje, kó o fọwọ́ kan èso tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀rọ ooru tó ń jó gáàsì sínú ilé láìní èéfín tó ń jáde síta ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Kílò gáàsì kan tó bá jó máa ń bí omi tó ju kílò kan àti ààbọ̀ lọ, inú ilé náà ló sì ń dà á sí. Gáàsì tí kò jó tán tún lè mú òdòdó tòmátò já. Páìpù omi gbígbóná nílẹ̀ láàárín ìlà, tàbí ẹ̀rọ tí ọ̀pá èéfín rẹ̀ yọ síta, ni kó o wá. Níbi tí òru ti jẹ́ 24°C fúnra rẹ̀, má lo ọ̀nà yìí rárá, torí pé o máa gbé òru jìnnà sí ohun tí òdòdó fẹ́. Fáànù kékeré tó ń rọra yí afẹ́fẹ́ po láàárín ewé ló yẹ níbẹ̀, pẹ̀lú gígé ewé ìsàlẹ̀ láàárọ̀ kí ojú ọgbẹ́ lè gbẹ kí alẹ́ tó lẹ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Tí tẹmọ́mítà gbígbẹ àti ti olówùú bá fi ìwọ̀n mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yàtọ̀ ní ọ̀sán ooru, tí iná àti omi rẹ sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, mú fáànù àti páàdì. Tí àlàfo náà ò bá tó mẹ́rin, fi owó náà gbé òrùlé ga, jẹ́ kí ojú rẹ̀ fẹ̀, kó o ra àbòòji 30% tó ṣeé fà. Láàárín mẹ́rin sí mẹ́jọ, mo máa kọ́kọ́ ṣe fèrèsé àti àbòòji fún àkókò ọ̀gbìn kan, kí n ka òdòdó tó ń já, kí n tó pinnu páàdì.

Ẹni tí iná rẹ̀ máa ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀ kó má fi ẹ̀mí tòmátò rẹ̀ sábẹ́ fáànù, bó ti wù kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbẹ tó. Ẹni tó ń gbin kùkúḿbà tàbí tó ń hu irúgbìn ní ibi gbígbẹ, tó sì ní omi tó mọ́, lè ronú ìkùukùu alágbára.

Ẹni tí òdòdó rẹ̀ ń so dáadáa ṣùgbọ́n tí èbu ń kó èso rẹ̀ ní àkókò tí òru tutù, kó gbàgbé gbogbo ẹ̀rọ ọ̀sán. Tirẹ̀ ni ooru òru àti fèrèsé tó ṣí bí ìbú ọwọ́. Kó tó ra páìpù, kó fi ọ̀sẹ̀ kan ṣí òrùlé fún ìdajì wákàtí ní ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn tó wọ̀, kó má fún igi lómi lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, kó sì gbé tẹmọ́mítà kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sí àárín ewé, níbi tí èso wà, lábẹ́ ìbòrí tí oòrùn ò lè bà á. Tí èso ìsàlẹ̀ bá gbẹ ní aago méje àárọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, kò nílò páìpù.